Ọ̀rẹ́ mi ní mo ń tọrọ owó lọ́wọ́ òun lórí Wásáàpù, èmi ò sì kọ nǹkan kan

Ìyá Ìbejì Lágéré

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Iléṣà pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé kò sí nǹkan, pé mo kọ̀wé sí òun lórí Wásáàpù pé kí òun fi náírà 45,000 ránṣẹ́ sí mi. Mi ò kọ ọ́. Wásáàpù mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwòrán ọjà sí sitátọ́ọ̀sì ni. Èèyàn méjì míì ti tún pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

---

Ọmọ Ọ̀ṣọ́máàló

Ẹ pa dátà báyìí báyìí. Ẹ yọ síìmù, kí ẹ ní kí wọ́n dì í pa, kí ẹ sì yọ Wásáàpù kúrò lórí fóònù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n jí fóònù mi ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, olè yẹn ò rí nǹkan kan ṣe.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Màmá Ìbejì, ẹ má yọ síìmù, ẹ má sì yọ Wásáàpù. Ti Ọmọ Ọ̀ṣọ́máàló yàtọ̀. Fóònù òun ni wọ́n jí, síìmù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olè, ó tọ́ kó dì í pa. Tiyín wà lọ́wọ́ yín. Bí nǹkan bá tún burú sí i, síìmù yẹn ni ẹ máa fi wọlé padà, torí nọ́ńbà yẹn ni kóòdù máa ń bá wọlé. Ẹ dì í pa, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn.

Dátà tí ẹ máa pa náà ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá so mọ́ Wásáàpù yín kì í dúró de fóònù yín kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ lè pa fóònù kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí, ẹni yẹn á máa kọ̀wé lọ ní tirẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ ò bá lo Wásáàpù lórí fóònù fún ohun tó ju ọjọ́ 14 lọ kí ẹ̀rọ yẹn tó já fúnra rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ 14, ó ti kan gbogbo oníbàárà yín.

Nínú ohun tí ẹ kọ, èyí tó wúlò fún mi jù ni pé Wásáàpù yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Fóònù kan péré ló máa ń jẹ́ olórí fún nọ́ńbà kan. Ká ní ẹnì kan ti fi nọ́ńbà yín ṣí Wásáàpù tuntun sórí fóònù tirẹ̀, tiyín ì bá ti lé yín jáde, á sì ní kí ẹ tún fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀. Kò lé yín. Nítorí náà ó ku ọ̀nà méjì. Bóyá ẹnì kan ti so kọ̀ǹpútà tàbí fóònù míì mọ́ tiyín lẹ́yìn, tàbí kẹ̀ ẹni yẹn ò sí nínú tiyín rárá, ó kàn mú àwòrán yín lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà tirẹ̀ ni.

Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè, ẹ má fi sí orí Wásáàpù, ẹ fi fóònù pè é. Lókè ibi tí ìwé yẹn wà, ṣé orúkọ tó fi nọ́ńbà yín pamọ́ ló hàn, àbí nọ́ńbà lásán? Ṣé abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ ń sọ tẹ́lẹ̀ ló wà, àbí ojú ewé tuntun tí kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀?

---

Bàbá Ìsọ̀kùn

Ohun tó ṣe mí náà nìyí. Ẹnì kan gbé fọ́tò tí mo yà níbi ìsìnkú ìyá mi, ó ń fi tọrọ owó ìwòsàn lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé, mo ra fóònù tuntun, kò dáwọ́ dúró. Ọmọ mi tún yọ gbogbo áàpù. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Ìyá Ìbejì, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín ni ọ̀nà kejì tí mo dárúkọ yẹn. Kò sí olè nínú fóònù yín, ìdí nìyẹn tí fóònù tuntun ò fi tán an. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló ń lò. Ohun tó ń tán irú èyí ni kí àwọn tó kọ̀wé sí gan-an ṣí ìwé rẹ̀, kí wọ́n tẹ orúkọ tó wà lókè, kí wọ́n fà á wálẹ̀ dé `Report`. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí, kí gbogbo wọn ṣe é.

---

Ìyá Ìbejì Lágéré

Mo ti bi í. Ó ní orúkọ tí òun fi pè mí lórí fóònù òun ló hàn, abẹ́ ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ léèsì tó fẹ́ rà fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wà. Ó ka á sí mi létí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi 45,000 sí àkáǹtì ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀, báńkì mi ò lọ. Màá yọ ọ́ nínú owó léèsì yín." Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà, èmi ò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tó jẹ́ kó fura ni "ẹ" yẹn. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó sórí àga kan náà nílé ìwé ni, "ìwọ" la máa ń pe ara wa. Mi ò sọ "mà" sí i láyé mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tí mo ṣí fóònù tèmi, ìwé yẹn ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ látẹ̀yìn wá pàápàá ti pòórá.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Ó ṣeé ṣe kó má pòórá. Ẹ fa ojú ewé tí gbogbo ọ̀rọ̀ yín tò sí wálẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí `Archived` lókè. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó o pamọ́ sí kí ẹ má baà rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ àmì róbótó kékeré mẹ́ta tó tò lé ara wọn lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ `Linked devices`. Bó bá jẹ́ áífóònù lẹ ń lò, inú `Settings` ló wà. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi.

Bó ṣe mọ̀ pé léèsì lẹ jọ ń sọ yẹn, ìyẹn náà ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà èèyàn sórí fóònù tirẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ àtijọ́, inú gúrúùpù ló ti máa ń mú àwọn tó fẹ́ kọ̀wé sí. Ẹni tó bá so ẹ̀rọ mọ́ ọn ló máa ń rí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ láìpẹ́ yìí.

---

Ìyá Ìbejì Lágéré

Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú `Archived`. Gbogbo wọn ló tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Nínú `Linked devices`, mo rí `Google Chrome (Windows)`. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà.

---

Òṣìṣẹ́ Báńkì Iléṣà

Màmá, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ ya àwòrán ojú ewé yẹn, kí ẹ ya ti àwọn ìwé mẹ́fà náà, àkáǹtì tó fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń wá bá wa pẹ̀lú ẹjọ́ báyìí, tí wọ́n á ní àwọn ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ojú ewé kan, ó tó. Bí ẹ ṣe ń ya ẹ̀kẹfà, ó ń kọ̀wé sí ẹ̀keje. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́ sí, àwọn ni kó ya á.

Ẹ tẹ `Google Chrome (Windows)` yẹn, ẹ tẹ `Log out`. Ìyẹn ló ń lé e.

Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tún wo `Settings`, `Privacy`, `Blocked contacts`. Mo ti rí i fún oníbàárà mi kan rí tí olè dí ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n má baà lè kọ̀wé sí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ó rò pé ọkọ òun ń bínú sí òun ni, odindi ọjọ́ méjì.

---

Ìyá Ìbejì Lágéré

Mo ti lé e. Kò sí nǹkan kan nínú `Linked devices` mọ́. Ní `Blocked contacts`, àbúrò mi tó ń gbé Mọ́dákẹ́kẹ́ wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dí i.

---

Ọmọ Ọ̀ṣọ́máàló

Ẹ lọ sí `Settings`, `Account`, `Two-step verification`, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà ti í. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún lè wọlé láé. Ẹ sì tẹ `*#21#` bí ẹ ṣe ń tẹ nọ́ńbà ìpè. Bí nọ́ńbà kan bá jáde, wọ́n ti wọ inú fóònù yín nìyẹn.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Ẹ ṣe `Two-step verification`, ó dára, kí ẹ sì fi ímeèlì yín sí i, kí ẹ lè rí i gbà padà bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n "láé" yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tuntun ni ìyẹn ń dí lọ́nà. Kò dí ẹni tó bá so ẹ̀rọ mọ́ ọn, torí fóònù tiyín gan-an, tó ti ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ló ń gba ẹ̀rọ yẹn wọlé. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí fún lè ní nọ́ńbà mẹ́fà yẹn tẹ́lẹ̀, kí ó sì tún bọ́ sí i.

`*#21#` náà, bóyá wọ́n ń darí ìpè yín sí nọ́ńbà míì nìkan ló ń sọ. Ìyẹn ṣe pàtàkì torí Wásáàpù lè fi ìpè sọ kóòdù fún èèyàn, bí ìpè bá sì ń lọ sọ́dọ̀ olè, olè ló máa gbọ́ ọ. Bó bá gbé nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ jáde, `##002#` ló ń fagi lé gbogbo ìdarí bẹ́ẹ̀. Kò ní í sọ fún yín bóyá ẹnì kan wà nínú Wásáàpù yín. Ti Màmá Ìbejì, ó lè tẹ̀ ẹ́ títí di alẹ́, kò ní rí nǹkan kan.

Màmá, kí ni ẹ tẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta yìí?

---

Ìyá Ìbejì Lágéré

Mo ti rántí. Lánàá, nínú gúrúùpù àwa tí a jọ jáde nílé ìwé, ẹnì kan ní ká bá ọmọ òun dìbò, pé ó wà nínú ìdíje ìjó. Ẹni tí mo mọ̀ ni. Mo tẹ lìǹkì náà, àwòrán ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀. Ó ní kí n fi nọ́ńbà mi sí i kí ìbò mi lè wọlé. Mo fi sí i, ó gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ jáde. Wásáàpù náà wá gbé ìkìlọ̀ kan wá lókè, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì kọ mẹ́jọ yẹn síbẹ̀. Mo rò pé ìbò ni. Mo tilẹ̀ tún fi lìǹkì náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìyàwó ilé wa.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Ibẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ewé yẹn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ sọ fún Wásáàpù pé òun fẹ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ nọ́ńbà yìí. Wásáàpù fún un ní mẹ́jọ yẹn, ó sì bi fóònù yín bóyá ẹ gbà. Òun gbé mẹ́jọ náà hàn yín bí ẹni pé ti ìbò ni, ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ síbi tí ó ti ń bi yín. Kóòdù kankan ò wọlé nípa àtẹ̀jíṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi fura. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ká má fún èèyàn ní kóòdù. Ẹ̀yin ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun ló fún yín.

Ẹ wo ohun tí ìkìlọ̀ yẹn máa ń sọ bí ẹ bá tún rí i. Ó ń sọ̀rọ̀ síso ẹ̀rọ, kò dárúkọ ìbò.

Ẹni tó fi lìǹkì sí gúrúùpù yẹn, kò dájú pé òun ló kọ ọ́. Bóyá ohun tó ṣe yín ló ṣe é. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ó wo `Linked devices` tirẹ̀. Kí ẹ sì pe ádímíìnì gúrúùpù ìyàwó ilé yín kí ó pa lìǹkì yẹn rẹ́ fún gbogbo èèyàn kíákíá.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifásitì

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ sọ ibi tí mo ti ṣì í. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa kọ̀wé pé òun ṣèèṣì fi kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí síìmù mi, kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo fi ránṣẹ́, Wásáàpù lé mi jáde lójú ẹsẹ̀. Mo ń bèèrè kóòdù tuntun léraléra, títí tó fi ní kí n dúró fún wákàtí púpọ̀ kí n tó tún bèèrè. Nígbà tí ó wá jàjà wọlé, ó ní kí n kọ nọ́ńbà ìdáàbòbò tí mo fi sí i, èmi ò sì fi nǹkan kan sí i rí. Ó gbà mí ní ọjọ́ 7. Yàrá kan náà lèmi àti ọmọbìnrin tó fi náírà 15,000 ránṣẹ́ jọ ń gbé. Mo wà lórí ibùsùn lókè, òun wà nísàlẹ̀, ó ń fi owó ránṣẹ́ "sí mi".

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Olè ló fi nọ́ńbà ìdáàbòbò yẹn sí i, kí o má baà lè wọlé. Ọjọ́ 7 ni Wásáàpù máa ń fi sí i kí ẹni tó ní síìmù tó lè wọlé láìmọ nọ́ńbà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kóòdù mẹ́fà tí o kọ lẹ́yìn tó dé orí síìmù rẹ, òun ló lé olè yẹn jáde, ìwọ ì báà má tíì wọlé. Láàárín ọjọ́ 7 yẹn, kò sẹ́nì kankan nínú Wásáàpù yẹn.

Ibi tí o ti ṣì í ni bíbéèrè léraléra. Ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró. Bó bá ní kí ẹ dúró wákàtí mélòó kan, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ máa fi ìpè kìlọ̀ fún àwọn èèyàn, kí ẹ sì ní kí ádímíìnì gbogbo gúrúùpù yọ nọ́ńbà yín, torí ibẹ̀ ló ti ń rí orúkọ.

---

Òṣìṣẹ́ Báńkì Iléṣà

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ owó. Màmá Ìbejì, ṣé nínú àwọn mẹ́fà yẹn, ẹnì kan ti sanwó?

---

Ìyá Ìbejì Lágéré

Ẹnì kan. Oníbàárà mi kan ní Iléṣà, ó ti fi gbogbo 45,000 ránṣẹ́ ní bí agogo mẹ́jọ kọjá. Ó ní èmi ni òun fọkàn tán, kí n yọ ọ́ nínú owó léèsì òun.

---

Òṣìṣẹ́ Báńkì Iléṣà

Òun ló gbọ́dọ̀ pe báńkì tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀yin lè pe báńkì títí, àkáǹtì yín kọ́ ni owó ti jáde. Kí ó mú rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ náà lọ́wọ́, nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní `Session ID`, 30 ni gbogbo rẹ̀. Òun ni báńkì fi ń wá ipa owó náà. Kí ó sọ pé jìbìtì ni, kí wọ́n kọ̀wé sí báńkì tó gba owó kí wọ́n dá ohun tó bá kù nínú àkáǹtì yẹn dúró. Kí ó gba nọ́ńbà ẹjọ́ tí wọ́n bá ṣí fún un. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí ó ṣòro kí báńkì kejì dá owó padà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan.

Mi ò ní tàn yín jẹ. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n fi ń kó owó bẹ́ẹ̀ kúrò lọ sí àkáǹtì míì. Mo ti rí èyí tí a bá owó nínú rẹ̀, torí ẹni tó ni ín pe báńkì kó tó pe ẹnikẹ́ni. Mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí a bá náírà 200 níbẹ̀.

---

Ọmọ Ọ̀ṣọ́máàló

Èmi ò rò pé ó yẹ kí Ìyá Ìbejì yọ kọ́bọ̀ nínú owó léèsì. Kò gba owó. Ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí orúkọ tí kò mọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ pè. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ta àwìn kiri, wọn kì í gba iṣẹ́ owó láti ẹnu ẹni tí wọn ò fojú rí.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifásitì

Èmi san tèmi. 5,000 lóṣù, oṣù mẹ́ta. A jọ ń gbé yàrá kan náà, ojú rẹ̀ ni mò ń jí wò láràárọ̀. Ẹ̀bi mi sì ni, èmi ni mo fi kóòdù ránṣẹ́.

---

Òṣìṣẹ́ Báńkì Iléṣà

Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìyẹn dọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é kí báńkì tó dáhùn. Bí wọ́n bá rí owó náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gbà á.

---

Atúnfóònùṣe Sábó

Lórí owó, mi ò ní sọ fún Màmá ohun tó máa ṣe. Àárín òun àti oníbàárà rẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe lónìí ni kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sórí sitátọ́ọ̀sì, ní báyìí tí olè ti jáde. Ká ní ó ti fi síbẹ̀ kó tó lé e ni, olè náà lè pa á rẹ́. Kí ó dárúkọ nọ́ńbà àkáǹtì tí olè ń lò, kí ẹni tí ìwé náà ti kàn lè mọ̀ ọ́n. Lọ́la àti ọ̀túnla, kí ó tún wo `Linked devices`.

---

Ìyá Ìbejì Lágéré

Mo ti fi ohùn sí i. Ìyá tó fi lìǹkì sí gúrúùpù wa, mo pè é, òun náà bá kọ̀ǹpútà kan nínú tirẹ̀, láti ọjọ́ Àìkú ló ti wà níbẹ̀. Kò tíì mọ ẹni tó ti sanwó nínú àwọn èèyàn ẹ̀. Oníbàárà mi ti wà ní báńkì, wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà ẹjọ́, wọ́n ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bi mí bóyá kí òun ṣì wá gbé léèsì ẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kó máa bọ̀, ká jọ jókòó sọ ọ́.